Àìróorunsùn: aago ni iṣẹ́ wà, kì í ṣe ẹnu

“Ó ti lé ní oṣù mẹ́fà tí mo ti ń lajú sílẹ̀ mọ́jú. Dókítà wa níbí ní Lọ́ńdọ̀nù kò fún mi ní oògùn oorun, ó ní kí n lọ gba ìtọ́jú ìrònú àti ìṣesí. Ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lè mú èèyàn sùn?”

Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ. Èmi náà gbà á níbí, ọ̀rọ̀ ẹnu ló kéré jù nínú rẹ̀.

Wọ́n ní kí n máa kọ oorun mi sílẹ̀ láràárọ̀: ìgbà tí mo wọ bẹ́ẹ̀dì, bó ṣe pẹ́ tó kí n tó sùn, ìgbà tí mo dìde. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ṣírò rẹ̀, aago mẹ́wàá alẹ́ ni mo ń dùbúlẹ̀, mẹ́fà àárọ̀ ni mo ń dìde, ṣùgbọ́n oorun inú wákàtí mẹ́jọ yẹn kò ju wákàtí márùn-ún àbọ̀ lọ. Ó ní kí n má fẹ̀yìn kan bẹ́ẹ̀dì mọ́ kí aago méjìlá àbọ̀ òru tó lù, kí n sì máa dìde ní mẹ́fà, ì báà ṣe Sátidé. Ẹni tí kò róorun sùn, ẹ tún ń dín àkókò rẹ̀ kù! Ṣùgbọ́n bí ojú bá pẹ́ ní lílà, oorun á kó jọ, á sì gbé èèyàn lọ bó bá dùbúlẹ̀. Bí oorun bá ti gba ìdá 85 nínú 100 àkókò orí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á fi ìṣẹ́jú 15 kún un. Wọn kì í dín in kọjá wákàtí márùn-ún.

Bí oorun kò bá wá láàárín nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ẹ dìde, ẹ lọ jókòó sí pálọ̀, ẹ padà nígbà tí ojú bá wúwo. Àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ le o. Oorun á máa kùn yín lọ́sàn-án, ẹ má wakọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sá.

Oògùn oorun bíi sópíkílónì máa ń ṣiṣẹ́ lóru ọjọ́ tí ẹ bá lò ó, ìyẹn kò ṣeé jà níyàn. Ìdí nìyí tí dókítà fi ń fún ẹni tí ọ̀fọ̀ tàbí wàhálà òjijì ṣẹ̀, fún ìgbà díẹ̀. Bó bá pẹ́, ara á mọ́ ọn, bí ẹ bá sì dá a dúró lójijì, àìsùn á le ju ti àtijọ́ lọ. Àwọn tó ń ra dáyásípáàmù ní kẹ́mísì nílé láti fi sùn fún ọdún púpọ̀ kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà: gìrì lè mú wọn. Dókítà ló ń bá wọn dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ti àìsùn tó ti lé ní oṣù mẹ́ta bíi tiyín, ìtọ́jú ìrònú àti ìṣesí yìí ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà onísẹ́gùn inú ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n kọ́kọ́ lò, láti 2016. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní wárápá, ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ máa ń ru sókè, àti awakọ̀ ọ̀nà jíjìn, dókítà kì í yá láti dín àkókò oorun wọn kù. Bí ẹ bá sì ń hanrun, tí èémí ń dá lójú oorun, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, torí oògùn oorun lè mú ìyẹn burú sí i.