Gbígbé dòméènì láti ọ̀dọ̀ rẹ́jísírà kan sí òmíràn: kí ló ń pa sáìtì gan-an?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí owó dòméènì .com ilé ìtajà aṣọ wa tún pé, iye tí wọ́n ń gbà sì ti pọ̀ jù. Ọmọkùnrin tó ń bá wa ṣe sáìtì ní kí a gbé e lọ sí ibòmíràn, ṣùgbọ́n ó ní dandan ni kí sáìtì àti ímeèlì wa dákẹ́ fún ọjọ́ 5 sí 7. Ṣé òótọ́ ni? Ó tún ní kí n fi páásíwọ́ọ̀dù wa ránṣẹ́ sí òun.

Ìdáhùn: Kì í ṣe òótọ́, ẹ má sì fi páásíwọ́ọ̀dù ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ó tó ìgbà mélòó kan lóṣù tí irú ọ̀rọ̀ yìí ń dé ọ̀dọ̀ mi, ó sì ń dùn mí, nítorí pé àwọn tó ń pe ara wọn ní amòye ni wọ́n ń kó ìpayà bá àwọn ọlọ́jà lórí ohun tí kò yẹ kó mú kí sáìtì dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan.

Rẹ́jísírà ni ilé-iṣẹ́ tí ẹ ń sanwó fún kí orúkọ yín lè máa wà nínú ìwé àkọsílẹ̀. Ìwé náà fúnra rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ wọn. Ní ti gbogbo orúkọ tó parí sí .com, ilé-iṣẹ́ Verisign ló ń tọ́jú rẹ̀. Bí ẹ bá gbé dòméènì, ohun tó ń yí padà nínú ìwé yẹn ni orúkọ rẹ́jísírà àti ọjọ́ tí owó yóò tún pé, tí wọ́n máa ń fi ọdún 1 sún síwájú. Àwọn sáfà orúkọ, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ tó ń sọ fún ẹni tó bá béèrè pé ibi báyìí ni sáìtì yín wà, ibi báyìí sì ni kí ímeèlì yín máa gbà lọ, wà nínú ìwé kan náà, wọn kì í sì í yí padà nítorí pé ẹ gbé dòméènì. Ọjọ́ 5 tí ọmọkùnrin yẹn gbọ́ ni àkókò tí òfin ICANN, àjọ tó ń ṣe òfin fún àwọn rẹ́jísírà, fún rẹ́jísírà àtijọ́ láti fèsì sí ìbéèrè náà. Bí wọn kò bá sọ nǹkan kan títí tó fi pé, ìgbésẹ̀ náà yóò parí fúnra rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, sáìtì yín wà níbi tó wà, ímeèlì sì ń wọlé bó ṣe ń wọlé tẹ́lẹ̀.

Ibo wá ni òkùnkùn tí àwọn èèyàn ń rí ti ń wá? Oníbàárà mi kan ní Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ìgbésẹ̀ yìí ní ọjọ́ Ajé kan, ó sì parí ní ọjọ́ Àbámẹ́ta láìsí wàhálà. Ní àárín ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, sáìtì rẹ̀ pòórá, àwọn tó ń fi ìwé ránṣẹ́ sí i sì ń rí i pé kò dé. Rẹ́jísírà tuntun ló ń bá jà, bẹ́ẹ̀ wọn kò mọwọ́mẹsẹ̀. Nígbà tí mo wo ìwé àkọsílẹ̀, orúkọ rẹ́jísírà tuntun ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n sáfà orúkọ ti ilé-iṣẹ́ àtijọ́ ni ìwé náà ṣì ń tọ́ka sí. Nígbà tí mo bi sáfà yẹn léèrè, REFUSED ni èsì rẹ̀, ìyẹn ni pé ó kọ̀ láti dáhùn. Ọ̀fẹ́ ni ilé-iṣẹ́ náà ti ń bá a tọ́jú àkọsílẹ̀ ibi tí sáìtì àti ímeèlì rẹ̀ wà. Nígbà tí wọ́n rí i pé kì í ṣe oníbàárà àwọn mọ́, wọ́n pa á rẹ́. Kì í ṣe ìgbésẹ̀ náà ló pa sáìtì, àkọsílẹ̀ tí kò kó kúrò ní ilé tó ti jáde ni.

Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ wo ẹni tó ni sáfà orúkọ yín. Ẹ tẹ àwọn àṣẹ yìí sínú Terminal kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ fi orúkọ tiyín rọ́pò èyí tó wà níhìn-ín:

```
dig +short NS example.com
dig +short MX example.com
dig +short DS example.com
```

Bí èsì àkọ́kọ́ bá jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ tó gbé sáìtì yín sórí ẹ̀rọ rẹ̀, tí kì í ṣe rẹ́jísírà tí ẹ ń kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ kò ní nǹkan kan láti bẹ̀rù. Bó bá jẹ́ ti rẹ́jísírà àtijọ́, ẹ kọ́kọ́ kó àkọsílẹ̀ yín lọ síbi tí yóò máa wà. Ẹ wọ ojú ìwé DNS wọn, ibi tí àkọsílẹ̀ yín wà, kí ẹ da gbogbo ìlà tó wà níbẹ̀ kọ síbi tuntun lọ́kọ̀ọ̀kan: A, CNAME, MX àti TXT. TXT ni àwọn èèyàn sábà máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun ló ń jẹ́ kí àwọn mìíràn gbà pé ọ̀dọ̀ yín ni ímeèlì yín ti wá lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yí sáfà orúkọ sí tuntun, nígbà tí dòméènì ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ́jísírà àtijọ́, kí ẹ sì dúró fún wákàtí 48, nítorí pé ó lè tó bẹ́ẹ̀ kí ìdáhùn àtijọ́ tó kúrò nínú ìrántí àwọn ẹ̀rọ káàkiri ayé. Ní wákàtí 48 yẹn, ẹ jẹ́ kí méjèèjì máa ṣiṣẹ́, kí ẹ má pa ti àtijọ́ rẹ́. Bí àṣẹ kẹta bá mú nǹkan kan jáde, ẹ ní kí rẹ́jísírà àtijọ́ yọ DS náà, èdìdì tó ń jẹ́rìí sí ìdáhùn sáfà yín, kúrò, kí ẹ sì dúró fún ọjọ́ kan kí ẹ tó yí sáfà padà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yóò ka ìdáhùn yín sí ayédèrú.

Ìyókù kò le. Ẹ wọ àkáǹtì yín fúnra yín, kí ẹ ṣí àgádágodo tí wọ́n fi ti dòméènì. Ọ̀rọ̀ náà clientTransferProhibited yóò sì kúrò nínú ìwé àkọsílẹ̀. Ẹ béèrè kóòdù àṣẹ, èyí tí ojú ìwé wọn lè pè ní EPP code tàbí Auth code. Òfin kò jẹ́ kí wọ́n fi kóòdù náà pa mọ́ ju ọjọ́ 5 lọ. Kọ́kọ́rọ́ ilé ni kóòdù yìí, ojú ìwé rẹ́jísírà tuntun nìkan ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sí; bí ọmọkùnrin yẹn bá fẹ́ ràn yín lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kó jókòó tì yín. Mo ti rí dòméènì tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ orúkọ ẹni tí wọ́n bẹ̀ níṣẹ́, gbígbà á padà sì ni wàhálà gidi.

Ẹ má ṣe yí orúkọ tàbí ímeèlì oní-dòméènì padà kí ẹ tó gbé e, nítorí pé ìyẹn nìkan lè ti dòméènì pa fún ọjọ́ 60. Bákan náà ni bó bá jẹ́ pé kò tíì pé ọjọ́ 60 tí ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ tàbí tí ẹ gbé e kẹ́yìn. Ẹ kàn rí i dájú pé ẹ ṣì lè ṣí àpótí ímeèlì tó wà nínú àkọsílẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìwé ìjẹ́rìí yóò dé. Ọ̀rọ̀ .com ni mo ń sọ o. NiRA, ẹgbẹ́ tó ń bójú tó orúkọ dòméènì Nàìjíríà, ló ń ṣe òfin .ng, ẹ wo tiwọn lọ́tọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó, bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n bó bá ku ọjọ́ 7 tí kóòdù kò tíì jáde, ẹ san owó ọdún kan fún rẹ́jísírà àtijọ́ kí ọjọ́ tó pé, kí ẹ sì gbé e lẹ́yìn ìyẹn. Ọdún tí ẹ san kò ní sọnù, ọdún ti rẹ́jísírà tuntun yóò kàn lé e lórí ni.