Onílé ní mo pẹ́ san owó ilé, tiransífà sì ti lọ

Ìbéèrè: Ọjọ́ 1 oṣù kẹta 2026 ni owó ilé mi n'Ìkòròdú pé. Alẹ́ Jímọ̀ọ́, ọjọ́ 27 oṣù kejì, ni mo ti fi tiransífà san án. Bàbá onílé ní ọjọ́ 2 oṣù kẹta lowó wọlé, pé kí n san fáìnì. Rìsíìtì wà lórí fóònù mi. Ṣé ó tó?

Ìdáhùn: Kò tó. Owó míì máa ń padà sínú àkáǹtì ẹni tó fi í ránṣẹ́, rìsíìtì á sì wà lórí fóònù bẹ́ẹ̀. Ayédèrú rìsíìtì náà sì ti pọ̀ níta. Ẹ gba sitétimẹ́ǹtì ní PDF láti inú áàpù báńkì yín, láti ọjọ́ 25 oṣù kejì di ọjọ́ 6 oṣù kẹta, kó lè hàn pé owó jáde, kò sì padà.

Ó ṣeé ṣe kí bàbá má parọ́. Àwọn báńkì kan máa ń kọ owó tó wọlé lálẹ́ Jímọ̀ọ́ sí ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀lé e, Mọ́ńdè ọjọ́ 2 sì ni ìyẹn. Ohun tó máa yanjú rẹ̀ ni Session ID tó wà lórí rìsíìtì, nọ́ńbà 30. Ká ní báyìí ló rí:

```
000014260227214236507718340291
```

Mẹ́fà àkọ́kọ́ ni báńkì tó fi owó ránṣẹ́. 260227 ni ọjọ́ 27 oṣù kejì 2026. 214236 ni aago mẹ́sàn-án alẹ́ kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógójì. Báńkì bàbá lè fi nọ́ńbà náà tọpa owó. Bó bá jẹ́ báńkì kan náà lẹ jọ ń lò, ẹ lè má rí i. Ẹ lo nọ́ńbà ìtọ́kasí tó wà lórí rìsíìtì.

Kẹ́ ẹ tó fèsì, ẹ fi nọ́ńbà àkáǹtì mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wé ti inú àgírímẹ́ǹtì. Bó bá jẹ́ àkáǹtì alámòójútó ilé lẹ san án sí láìjẹ́ pé bàbá ní kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Ẹ má bá wọn jiyàn lórí fóònù o. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́:

«Ẹ kú iṣẹ́ sà. Owó ilé tẹ́ ẹ bèèrè, mo san án sí àkáǹtì yín ní ọjọ́ 27 oṣù kejì, aago 9:42 alẹ́. Rìsíìtì àti sitétimẹ́ǹtì nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún báńkì yín ní Session ID yìí kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ń retí rìsíìtì owó ilé yín. Ẹ ṣé, sà.»

Rìsíìtì tẹ́ ẹ bèèrè yẹn kì í ṣe ojú rere. Òfin ilé gbígbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 ní kí onílé fún ayálégbé ní rìsíìtì tó sọ ọjọ́ tó gba owó, iye rẹ̀ àti àkókò tó kárí. Fáìnì ₦100,000 wà fún ẹni tó bá kọ̀. Ní ti fáìnì tiwọn, ẹ ní kí wọ́n fi ibi tó wà nínú àgírímẹ́ǹtì hàn yín. Bí wọ́n bá ṣì takú, ẹ kó ìwé wọ̀nyí lọ sí Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó. Ọ̀fẹ́ ni.