"Ó ti wọ́n jù": ibi tí ìpolówó kékeré ti lè dáhùn rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ìṣirò ni mí, ọmọ kan ṣoṣo ni mo máa ń kọ́ lẹ́ẹ̀kan, nílé wọn. Owó tí mò ń gbà tó ìlọ́po mẹ́ta ohun tí àwọn tó ń kó ọmọ jọ pọ̀ ń gbà. Mo fẹ́ gbé ìpolówó tí kò ju 70 ọ̀rọ̀ lọ jáde. Ṣé kí n kọ iye owó sí i? Kí ni mo lè sọ tí àwọn òbí ò fi ní sá?

Ìdáhùn: Ẹ kọ ọ́ sí i. Òbí tí agbára rẹ̀ kò ká a á ti yà kúrò kí ẹ tó fi ìdajì wákàtí bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ẹni tó lágbára àmọ́ tó ń ṣiyèméjì ni ìpolówó yín ń bá wí.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í sábà fi owó yín wé àpò ara rẹ̀. Owó olùkọ́ míì ló fi ń wé e, wákàtí kan sí wákàtí kan, wákàtí yín ò sì gùn ju ti ẹlòmíì lọ. Torí náà, ẹ kọ́kọ́ ka iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe nígbà tí ọmọ ò sí níwájú yín. Ká ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ lẹ ń kọ́ ọmọ, wákàtí kan nígbà kọ̀ọ̀kan, fún ọ̀sẹ̀ 10. Wákàtí 20 nìyẹn. Ká tún ní lẹ́yìn ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ máa ń fi ìṣẹ́jú 45 yẹ àṣìṣe rẹ̀ wò, kí ẹ sì fi ṣètò ìbéèrè ìgbà tó ń bọ̀. Wákàtí 15 mìíràn rèé tí òbí kò rí rárá. Ìyẹn nìkan kò tó ìlọ́po mẹ́ta o. Ìyókù ni pé ọmọ tirẹ̀ nìkan ló ni olùkọ́ náà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò kà sí ni pé ẹni tó ka ìpolówó lè má jẹ́ ẹni tó máa sọ pé ó wọ́n. Ìyá kà á, ó sọ fún bàbá, bàbá ní, "Kí ló fi wọ́n tó báyìí?" Ẹ̀yin ò sí níbẹ̀ láti fèsì. Gbólóhùn tó sọ ìdí owó yín gbọ́dọ̀ kúrú tó fún ìyá yẹn láti sọ ọ́ láìtún wo ìpolówó.

Irú èyí tí mo máa ń rí rèé: "Ẹ̀kọ́ ìṣirò tó pegedé! A mọ̀ pé owó wa ga díẹ̀, àmọ́ ọjọ́ iwájú ọmọ yín ju owó lọ. Ẹ̀dínwó wà fún ẹni tó bá tètè pè." Ó fẹnu ara rẹ̀ gbé ẹ̀sùn dìde, kò sì dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú, olùkọ́ tó gba ìdámẹ́ta owó yín náà lè sọ ọ́. Ẹ̀dínwó sì ń sọ fún òbí pé iye àkọ́kọ́ kì í ṣe òótọ́.

Ẹ wo èyí ná:

"Ìṣirò: ọmọ kan, olùkọ́ kan. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, mo máa ń fi ìṣẹ́jú 45 yẹ àṣìṣe ọmọ yín wò, inú wọn ni mo ti ń fa ẹ̀kọ́ tó kàn yọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń gbà ju ọmọ 8 lọ. Ẹ̀kọ́ 20 ní ọ̀sẹ̀ 10: [iye yín]. Bí ẹ̀kọ́ kìíní ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ má san owó rẹ̀."

Ìdí ló ṣáájú iye, ohun tó ń fọkàn òbí balẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Ọmọ 8 yẹn kì í ṣe ọgbọ́n ìtajà: ẹ̀kọ́ 16 lọ́sẹ̀ ni, wákàtí 28 pẹ̀lú àyẹ̀wò àṣìṣe, láìka ìrìn àjò mọ́ ọn. Bí tiyín bá jẹ́ 5, ẹ kọ 5. Ẹ má ṣèlérí máàkì, torí ìdánwò ò sí lọ́wọ́ yín. Ẹ má sì pín owó náà sí "iye díẹ̀ lójúmọ́". Ẹni tó lè san irú owó yìí á sọ ọ́ di odidi padà kíákíá, inú rẹ̀ ò sì ní dùn sí i.

Ìbéèrè tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ ló máa sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ sí. "Ọjọ́ wo ló ṣí sílẹ̀?" dára. Bó bá jẹ́ "Ṣé ẹ ò lè dín in kù?" ló pọ̀ jù, gbólóhùn ìdí yín ni kò tíì lágbára, ẹ tún un kọ kí ẹ tó fọwọ́ kan iye. Ẹni tó bá ṣì ń nájà lẹ́yìn náà, iye ẹ̀kọ́ ni kí ẹ dín fún un: ẹ̀kọ́ 10, ìdajì owó.