Gbèsè dọ́là ní ìparí ọdún: owó tí ẹ ti san ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú

"Ẹ̀yin àgbà, ilé-iṣẹ́ ìrẹsì wa ní Ọ̀fà yá dọ́là 50,000 ní oṣù kẹta fún ẹ̀rọ, nígbà tí dọ́là kan jẹ́ ₦1,400. Ní oṣù kẹsàn-án a san 10,000 padà ní ₦1,500. Ní 31 oṣù kejìlá ó ti di ₦1,550. Báwo ni kí n ṣe tún un ṣírò? Ṣé mo lè fi ìyàtọ̀ rẹ̀ kún iye ẹ̀rọ?"

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má tíì fọwọ́ kan ₦1,550 yẹn. Owó oṣù kẹsàn-án ni kí ẹ lọ wò nínú léjà. Mílíọ̀nù 15 náírà ni báńkì yọ, gbogbo rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akọ̀wé sì máa ń dà sórí gbèsè. Bẹ́ẹ̀, mílíọ̀nù 14 ni ìwé gbé dọ́là 10,000 yẹn sí. Mílíọ̀nù 14 ni kí ẹ fi dín gbèsè kù, kí mílíọ̀nù 1 tó ṣẹ́ kù lọ sí àdánù pàṣípààrọ̀ tó ti ṣẹ.

Ó wá ku dọ́là 40,000, mílíọ̀nù 56 lórí ìwé. Ní ₦1,550, ó di mílíọ̀nù 62. Ẹ débíìtì àdánù orí ìwé, èyí tí kò tíì ṣẹ, ní mílíọ̀nù 6, kí ẹ kírẹ́díìtì gbèsè.

Ká ní mílíọ̀nù 15 lẹ fi dín in, mílíọ̀nù 7 ni àdánù orí ìwé ì bá jẹ́. Gbèsè á ṣì pé, àpapọ̀ àdánù ọdún náà á ṣì pé, ìdí nìyẹn tí kì í fi í hàn sí ẹnikẹ́ni. Ibi owó orí ló ti ń tú: àdánù orí ìwé ni àwọn agbowó orí máa dá padà sórí èrè yín, mílíọ̀nù 1 tí ẹ ti san lówó gidi á sì bá a lọ. Èyí tó ti ṣẹ nìkan lẹ lè gbé síwájú wọn, wọ́n sì tún lè jiyàn pé owó ẹ̀rọ ni, kì í ṣe ti òwò.

Ẹ̀rọ náà ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀ ní iye tí ẹ rà á. Gbèsè ni ìlànà ìṣirò àgbáyé IAS 21 ní kí a tún ṣírò, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì ń lọ sínú èrè àti àdánù. Èlé tí ẹ kò tíì san ní dọ́là náà, ẹ tún un ṣírò pẹ̀lú. Ẹ má lo iye tí àwọn tó ń ṣẹ́ owó lójú pópó bá pè. Ti ọjà tí ìjọba fọwọ́ sí ni kí ẹ lò.

Ohun kan ṣì wà ní oṣù kìíní. Àwọn ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà kan máa ń yí àkọsílẹ̀ mílíọ̀nù 6 yẹn padà fúnra wọn. Bó bá yí i padà, ₦1,400 lẹ máa fi wọn owó tí ẹ bá san tẹ̀ lé e. Bí kò bá yí i padà, ₦1,550 ni. Ká ní ẹ san 10,000 ní ₦1,600, àkọ́kọ́ á fún yín ní àdánù mílíọ̀nù 2, ìkejì ní ẹgbẹ̀rún 500. Nínú ti ìkejì, mílíọ̀nù 1.5 tí wọ́n dá padà sórí èrè ní ọdún tó kọjá ti ṣẹ báyìí fún owó orí, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sì ní láti béèrè fún un nínú ìṣirò owó orí. Nítorí náà, ẹ tọ́jú ìwé kan lọ́tọ̀ tó ní ọjọ́, iye dọ́là àti ₦1,400 ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Kí ẹ tó fi ₦1,550 tún gbèsè ṣírò, ẹ pín náírà inú léjà gbèsè sí iye dọ́là tó wà nínú ìwé tí ayánilówó fi ránṣẹ́. Bí kò bá fún yín ní 1,400 géérégé, ẹ padà sí oṣù kẹsàn-án.