Níbi ìdánrawò kò sẹ́ni tó ń bá a, lọ́jọ́ ìdíje ara rẹ̀ a máa gbọ̀n

Ìbéèrè: Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 15, máa ń sá mítà 200. Níbi ìdánrawò, kò sẹ́ni tó ń bá a. Tó bá wá di ọjọ́ ìdíje, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, á sì máa lọ tọ̀ ṣáá. Nígbà tí wọ́n sáré kẹ́yìn ní pápá ìṣeré Kútọ̀, òun ló wà níwájú títí wọ́n fi yọ ní kọ́nà. Bó ṣe gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹlòmíì lẹ́yìn báyìí, ara rẹ̀ le gbagidi, ipò karùn-ún ló ṣe. Gbogbo ìgbà ni mo ń sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀. Kí ni kí n tún ṣe? (Ìyá eléré, Òkè-Ìlẹ̀wọ́, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Kí á tó di ẹ̀bi ru ìbẹ̀rù, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ nǹkan méjì wò. Àkọ́kọ́ ni aago. Aago ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ kóòṣì wa ń lò níbi ìdánrawò, aago ọwọ́ sì máa ń jẹ́ kí eré dà bíi pé ó yá ju bó ṣe yá lọ. Ní mítà 200, nǹkan bíi ìṣẹ́jú-àáyá 0.24 ni wọ́n máa ń fi kún un kó tó bá ti ẹ̀rọ tó ń ka àkókò níbi ìdíje dọ́gba. Bí kóòṣì bá ka 25.6 fún un, tí ẹ̀rọ wá ka 25.9 níbi ìdíje, eré kan náà ló sá. Èkejì, ẹ bi kóòṣì léèrè bóyá ó máa ń sá mítà 200 náà tán, tí ẹlòmíì sì ń lé e bọ̀. Tó bá jẹ́ pé òun nìkan ló máa ń sá, tàbí pé mítà 150 ni wọ́n ti ń dúró, ó lè jẹ́ pé okun ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń tán. Àmọ́ ti ìró ẹsẹ̀ tí ẹ sọ yẹn ló jẹ́ kí n gbà pé ọ̀rọ̀ ọkàn wà nínú rẹ̀ lóòótọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi "fọkàn balẹ̀" sílẹ̀ ná. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n, àyà tó ń lù kìkì àti ìtọ̀ tó ń gbọ̀n ọmọ kì í ṣe àìsàn. Adirẹnalíìnì ló ti tú sínú ẹ̀jẹ̀, ara ń gbára dì fún iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe. Ẹni tó fẹ́ sá eré kúkúrú nílò rẹ̀, tí ara rẹ̀ bá tutù nini, kò ní lè bẹ́ jáde nígbà tí ìbọn bá dún. Ọmọ tí wọ́n ní kó fọkàn balẹ̀, tí àyà rẹ̀ ò sì yé lù, á wá rò pé nǹkan ti bà jẹ́, ẹ̀rù á wá di méjì. Ohun tí ẹ lè sọ fún un ni pé, "Ara ẹ ti gbọ́ pé eré ti dé." Ohun tó ń dá a dúró gan-an ni èrò tó ń rò: ta ló fẹ́ kọjá mi, kí ni màmá mi máa sọ. Tí èrò yẹn bá wọlé, eyín á pa pọ̀, ejìká á gòkè sí etí, ọwọ́ á dì ní ẹ̀ṣẹ́. Àwọn ibi mẹ́ta yẹn ni kí ẹ máa wò láti orí ìjókòó òǹwòran, wọn ò ní purọ́ fún yín.

Ó lè jẹ́ ibi tí ẹ ti ń fojú sí ló ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé "ipò kìíní" nìkan ni ilé ń retí, ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n gbé lé e lórí. Ẹ wo Tóbi Amúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tiwa. Ní ìdíje àgbáyé ọdún 2022 ní ìlú Yújìn, Amẹ́ríkà, ó sá mítà 100 onídènà ní 12.12 níbi ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, ìyẹn di àkọsílẹ̀ tó ga jù lágbàáyé. Nígbà tó di àṣekágbá, ó sá 12.06, ó gba wúrà, síbẹ̀ wọn ò kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ tuntun, nítorí atẹ́gùn tó ń tì wọ́n lẹ́yìn jẹ́ mítà 2.5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 2.0 sì ni òfin gbà. Bí atẹ́gùn bá lè ṣe irú èyí sí ọ̀gá wọn, kí ni ti ọmọ ọdún 15?

Ohun tí èmi máa ń ṣe fún irú ọmọ báyìí ni pé mo máa ń pín eré náà sí mẹ́ta, kí ó ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún apá kọ̀ọ̀kan. Ní pápá tó bá ìlànà mu, kọ́nà ló gba nǹkan bíi mítà 115 àkọ́kọ́ nínú 200, ìyókù jẹ́ gbọọrọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé bíi mítà 30, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè jẹ́ "tì", kó máa ti ilẹ̀ sẹ́yìn, kó má tètè gbórí sókè. Bó bá ń yọ ní kọ́nà, "nàró." Ní àádọ́ta mítà ìkẹyìn, "rọ̀", kí ejìká àti ẹnu rọ̀. Kí òun fúnra rẹ̀ yan ọ̀rọ̀ tó wù ú. Mo mọ ọmọkùnrin kan tó yan "ẹ̀kọ", ó sì ṣiṣẹ́ fún un.

Ní ti ìró ẹsẹ̀, ẹ má ní kó má gbọ́ ọ, kò ṣeé ṣe. Ẹ jẹ́ kó so ó mọ́ iṣẹ́: "Tí mo bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn, rọ̀ ló kàn." Kí kóòṣì wá fi ọmọkùnrin kan tó yára jù ú lọ sẹ́yìn rẹ̀ ní bíi mítà márùn-ún níbi ìdánrawò, kó máa lé e, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ìró tó ń dẹ́rù bà á tẹ́lẹ̀ á di ohun tó ń rán an létí. Kò ní ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ kan o.

Ti ìdúró kí wọ́n tó sáré, ẹ má so ó mọ́ aago. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí wọ́n bá kọ aago mẹ́wàá sí ìwé ètò, ó lè di aago kan ọ̀sán. Ìpè ni kí ẹ so ó mọ́. Kí wọ́n tó pè é, kó jókòó níbi ìbòòji, kó máa mu omi díẹ̀díẹ̀. Tí wọ́n bá pe eré tó ṣáájú tirẹ̀, kó tún gbé ara gbóná fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Níbi tí wọ́n ti ń to àwọn eléré jọ ni mímí ti wúlò: kó fi imú fà á wọlé kó kà dé mẹ́rin, kó fi ẹnu tú u jáde kó kà dé mẹ́fà, lẹ́ẹ̀marùn-ún tàbí mẹ́fà, ó tán. Tí ojú bá ń yí i tàbí tí ìka rẹ̀ ń ta wọ̀ọ̀wọ̀ọ̀, ó ti ń mí yára jù, kó dín in kù. Nígbà tí wọ́n bá ní kí wọ́n dúró sí ipò, èémí gígùn kan ṣoṣo, lẹ́yìn náà "tì" nìkan ló kù lọ́kàn. Kó má gbìyànjú láti méfò ìbọn: láti ọdún 2010, nínú eré mítà 200 bíi tirẹ̀, òfin àgbáyé ti ní kí ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣáájú ìbọn jáde lójú ẹsẹ̀.

Tí eré bá parí, ẹ jẹ́ kó jẹun ná. Lẹ́yìn ìyẹn, kó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀: nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta, mélòó ni mo rántí? Ìyẹn ni kí ẹ fi díwọ̀n ìdíje mẹ́ta tàbí mẹ́rin àkọ́kọ́. Ọwọ́ rẹ̀ lè ṣì máa gbọ̀n, kò burú, bí àkókò rẹ̀ bá ti ń sún mọ́ ti ìdánrawò.

Àwọn nǹkan kan wà tí èyí ò ní wò. Tí kò bá sùn fún ọjọ́ púpọ̀ ṣáájú ìdíje, tó ń bì, tàbí tí ẹ̀rù náà ti ń tẹ̀ lé e dé kíláàsì, ẹ mú un lọ rí dókítà tó mọ̀ nípa ọkàn ọmọdé, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé Ìwòsàn Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà. Tó bá sì dákú rí nígbà tó ń sáré, tàbí tí àyà ń dùn ún, ẹ dá eré dúró kí wọ́n yẹ ọkàn inú àyà rẹ̀ wò kó tó tún padà sí pápá.