Àmì kékeré tó wà lórí 6: ìdá wo ló ń parí, èwo ni kì í parí?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, tíṣà ọmọ mi ní 7/40 jẹ́ 0.175, ó sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé orí 5/12, ó kọ 0.416, ó wá fi àmì kékeré róbótó kan lé orí 6. Kí ni ìtumọ̀ àmì yẹn, báwo lèèyàn sì ṣe ń mọ ìdá tó máa gbà á?

Ìdáhùn: Àmì yẹn ń sọ pé 6 náà kò dáwọ́ dúró: 0.41666, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ títí gbére. Bí nọ́mbà tó ń yí po bá ju ẹyọ kan lọ, àmì méjì ni wọ́n ń fi, ọ̀kan sórí èyí tó ṣáájú, ọ̀kan sórí èyí tó gbẹ̀yìn. Àwọn mìíràn a máa fa ìlà gbọọrọ lé gbogbo wọn lórí. Ohun kan náà ni.

Nọ́mbà ìsàlẹ̀ ló máa sọ fún yín bóyá ìdá kan máa gba àmì náà, kódà kí ẹ tó pín ohunkóhun. Ẹ tú u sí púráìmù, ìyẹn àwọn nọ́mbà bíi 2, 3, 5, 7, 11, tí nǹkan kan kò lè pín dọ́gba àfi 1 àti àwọn fúnra wọn. Bí ó bá jẹ́ 2 àti 5 nìkan lẹ rí níbẹ̀, ìdá náà máa parí. Bí púráìmù mìíràn bá wà níbẹ̀, ì báà jẹ́ ẹyọ kan péré, kò ní parí láé.

Ìdí ni pé orí 10, 100, 1000 ni gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn pọ́ìntì jókòó lé. 0.175 kò ju 175/1000 lọ. Kí ìdá kan tó lè parí, a gbọ́dọ̀ lè sọ nọ́mbà ìsàlẹ̀ rẹ̀ di ọ̀kan nínú wọn, bẹ́ẹ̀ 2 àti 5 nìkan ló bí gbogbo wọn. Ẹ wo 40: 2 × 2 × 2 × 5 ni. 2 jẹ́ mẹ́ta, 5 jẹ́ ẹyọ kan. 5 méjì ló kù kí wọ́n lè ṣe déédéé. Ẹ fi 5 × 5, ìyẹn 25, sọ òkè àti ìsàlẹ̀ di púpọ̀, 7/40 á di 175/1000. Nítorí pé 2 jẹ́ mẹ́ta, nọ́mbà mẹ́ta ló wà lẹ́yìn pọ́ìntì.

12 ní tirẹ̀ jẹ́ 2 × 2 × 3. 3 yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ fi 3 pín 10, 1 ló máa ṣẹ́ kù. Ẹ fi pín 100, 1. Ẹ fi pín 1000, 1 náà ni. Kò ní wọ̀ ọ́ láé. Ṣùgbọ́n 2 méjì tó wà níbẹ̀ ní iṣẹ́ tiwọn: àwọn ló jẹ́ kí 4 àti 1 kọ́kọ́ jáde ná, kí 6 tó bẹ̀rẹ̀ àyípo.

(Ká tiẹ̀ ní ogún-ogún là ń fi kọ ọ́ bí a ṣe ń ka ogójì, ọgọ́ta, ọgọ́rin, àwọn ìdá tó ń parí kò ní yí padà, torí 20 kò ní púráìmù kankan yàtọ̀ sí 2 àti 5. 60 tí àwọn ará Bábílónì àtijọ́ fi ń ṣírò ló ní 3 nínú. Ìdí nìyẹn tí ìdá mẹ́ta wákàtí fi jẹ́ ogún ìṣẹ́jú géérégé.)

Kí ló ń jẹ́ kó máa yí po? Ẹ fi ọwọ́ pín 1/7. 7 nínú 10, ó lọ ní 1, ó ku 3. Nínú 30, ó lọ ní 4, ó ku 2. Nínú 20, 2, ó ku 6. Nínú 60, 8, ó ku 4. Nínú 40, 5, ó ku 5. Nínú 50, 7, ó ku 1. Orí 1 la ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà 142857 á tún bẹ̀rẹ̀ látòkè: 0.1̇42857̇. Ohun tó lè ṣẹ́ kù lábẹ́ 7 kò ju 1 sí 6 lọ, nítorí náà ó di dandan kí ọ̀kan padà wá.

Ibi tí àwọn ọmọ ti máa ń ṣìnà ni pé wọn kì í kọ́kọ́ gé ìdá náà kúrú. Ẹni tó rí 9/12, tó rí 3 nínú 12, á ní kò ní parí. Ṣùgbọ́n 3 wà lókè náà. Ẹ gé e, ó di 3/4, ìyẹn 0.75. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gé e tán ni kí ẹ tó wo ìsàlẹ̀.

Ẹ má sì fi ẹ̀rọ ìṣirò ṣe ẹlẹ́rìí. Ojú rẹ̀ kì í gbà ju nọ́mbà bíi mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá lọ. 1/17 á jáde bíi 0.0588235, ẹ ò ní rí àyípo kankan, torí nọ́mbà mẹ́rìndínlógún ni yóò jáde kó tó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. 1/1024 náà á jáde bíi 0.0009765, kó dà bí èyí tí kì í parí. Àmọ́ 1024 kò ní nǹkan mìíràn nínú ju 2 mẹ́wàá lọ, nítorí náà ó parí sórí nọ́mbà kẹwàá: 0.0009765625.