Ẹ̀jẹ̀ tó ń kán nígbà tí oyún ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró: ẹ ka ọjọ́ kí ẹ tó wo àwọ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Imọta ni mò ń gbé. Nǹkan oṣù mi tó kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ 28 ló sì máa ń pé kó tó tún dé. Ní ọjọ́ 25 oṣù náà mo rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tó rí bí omi sóbò tí wọ́n bu omi lù, kò ju ọjọ́ kan lọ. Oṣù kejì kò dé. Mo fi ìtọ̀ ṣe àyẹ̀wò ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá, ìlà méjì jáde. Láti àná, ọjọ́ 16, ẹ̀jẹ̀ tún ti ń kán, ó dúdú bíi kọfí, ìsàlẹ̀ ikùn mi lápá òsì sì ń ro mí díẹ̀díẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní oyún ló ń jókòó, kí n má dààmú. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ 25 àti ẹ̀jẹ̀ àná kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ti àkọ́kọ́ yẹn lè jẹ́ ti oyún tó ń jókòó lóòótọ́. Ti àná kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Nítorí apá òsì tó ń ro yín yẹn, ẹ múra kí ẹ lọ sí Jẹ́nẹ́rà Ìkòròdú lónìí, ẹ má lọ nìkan. Ìyókù ohun tí mo fẹ́ sọ, ẹ lè kà á nígbà tí ẹ bá ti jókòó sórí bẹ́ńṣì níbẹ̀.

Ìyá yín kò ṣèké. Ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ó ní ọjọ́ tirẹ̀. Ẹyin obìnrin sábà máa ń jáde ní nǹkan bí ọjọ́ 14 ṣáájú ọjọ́ tí oṣù tó ń bọ̀ yẹ kó dé. Oṣù yín yẹ kó dé ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá, nítorí náà ẹ ka ọjọ́ 14 padà sẹ́yìn, ẹ ó bá a ní nǹkan bí ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án. Láti ìgbà tí ẹyin ti jáde, ọjọ́ 6 sí 12 ló máa ń gba oyún kó tó rọ̀ mọ́ ara ilé ọmọ, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì máa ń ṣe é láàárín ọjọ́ 8 sí 10. Tiyín á wá bọ́ sí àárín ọjọ́ 23 sí 29. Ọjọ́ 25 wà nínú rẹ̀ dáadáa. Ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá ti kọjá rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ó lé. Oyún tó ti jókòó kì í padà wá jókòó lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹni tí oṣù rẹ̀ máa ń gba ọjọ́ 35 kò gbọdọ̀ lo ọjọ́ tiyín o. Ọjọ́ tí ó ń retí oṣù rẹ̀ ni òun náà á ti ka ọjọ́ 14 sẹ́yìn. Ẹni tí oṣù rẹ̀ kò sì ní ọjọ́ kan pàtó kò lè fọkàn tán kíkà yìí rárá, àyẹ̀wò ìtọ̀ àti sikáànù ni kó gbára lé.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ tí oyún fi ń jókòó kì í kún páàdì. Ara tísù ni obìnrin ti sábà máa ń rí i nígbà tó bá nura, tàbí kó bá àmì kékeré kan nínú pátá, tó pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tàbí tó rí bí ìpẹtà. Kì í dì, kì í sì í pọ̀ sí i bí wákàtí ti ń lọ bí ti nǹkan oṣù. Ọjọ́ kan tàbí méjì ló ń lò. Inú lè run obìnrin díẹ̀, àmọ́ àárín ni yóò ti máa run ún, bí ìgbà tí oṣù fẹ́ dé. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni kì í sì í rí i rárá. Ohun kan tí àwọn èèyàn kì í fẹ́ gbọ́ ni pé kò sí àyẹ̀wò kankan tó lè fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ báyìí ti ìjókòó oyún ni. Lẹ́yìn tí gbogbo nǹkan bá ti já sí dáadáa la máa ń wẹ̀yìn, tí a ó ní, "bóyá òun ni."

Àyẹ̀wò ìtọ̀ náà lè ràn wá lọ́wọ́ níbí. Oyún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rọ̀ mọ́ ilé ọmọ kí nǹkan tí àyẹ̀wò ń wá nínú ìtọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ó sì máa ń tó ọjọ́ mélòó kan kó tó pọ̀ débi tí ìlà kejì á fi hàn. Ẹni tó bá rí ẹ̀jẹ̀ ìjókòó oyún, tó sáré lọ ra àyẹ̀wò ní kẹ́míìsì lọ́jọ́ náà, ìlà kan ṣoṣo ló máa bá. Bí ìlà méjì bá ti hàn gedegbe kí ẹ̀jẹ̀ tó kán, ìjókòó ti kọjá nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ inú oyún ni ẹ ń rí, ó sì yẹ kí a mọ ibi tó ti ń wá.

Ìdí tí mi ò fi fẹ́ kí ẹ sùn mọ́ ti yín nìyí. Láti ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án sí òní, ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá, ọjọ́ 44 ni, ìyẹn ọ̀sẹ̀ 6 àti ọjọ́ 2. Láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni oyún tó dúró síta ilé ọmọ sábà máa ń fara hàn. Inú túùbù ló máa ń wà lọ́pọ̀ ìgbà, ìyẹn ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹyin ń gbà wá sí ilé ọmọ. Nínú oyún 100, ọ̀kan tàbí méjì ló ń dúró síbẹ̀. Ìlà méjì tó hàn nínú àyẹ̀wò kò yọ ọ́ sílẹ̀, nítorí oyún inú túùbù náà ń mú ìlà méjì jáde.

Ilé ọmọ lè fẹ̀ bí oyún ti ń dàgbà, túùbù kò lè fẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí oyún bá ń dàgbà níbẹ̀, á máa na ara túùbù, apá kan á máa ro obìnrin. Tó bá bẹ́, inú ikùn ni ẹ̀jẹ̀ ń dà sí, kì í ṣe sínú páàdì. Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà gan-an nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde nísàlẹ̀ lè má ju kí ó ba pátá jẹ́, tí ó sì dúdú bíi kọfí, nígbà tí lítà ẹ̀jẹ̀ kan ti wà nínú ikùn. Bí ẹ̀jẹ̀ inú ikùn yẹn bá gòkè, á máa ta awọ tó wà lábẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, ìrora rẹ̀ á sì jáde sí ṣóńṣó èjìká, pàápàá tí obìnrin bá dùbúlẹ̀. Obìnrin á ní òun fi ọwọ́ sùn. Àwọn mìíràn á máa ṣe bí ẹni pé wọ́n fẹ́ yàgbẹ́, tí kò sì sí ìgbẹ́ kankan.

Nítorí náà, ẹ̀jẹ̀ kékeré pẹ̀lú ìrora apá kan ń já mi láyà ju ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ díẹ̀ tí kò ní ìrora lọ.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀jẹ̀ ni tinú túùbù o. Nínú aláboyún mẹ́rin, nǹkan bí ẹnì kan ń rí ẹ̀jẹ̀ ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń gbé oyún wọn dé òpin. Ẹnu ilé ọmọ máa ń rọ̀ nígbà oyún, ó lè ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, kó sì dá. Oyún tó fẹ́ bàjẹ́ náà ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń pọ̀ sí i, á máa dì, inú á máa run obìnrin lé ara wọn lé ara wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè wo páàdì kó fi ojú lásán yà wọ́n sọ́tọ̀, èmi náà kò lè ṣe é. Sikáànù ló ń yà wọ́n.

Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ sọ ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án yẹn fún wọn kí wọ́n tó bi yín, kí ẹ sì sọ pé apá òsì ló ń ro yín. Sikáànù tí wọ́n ń fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe láti ojú ara ń tètè rí oyún ju ti orí ikùn lọ, kò sì ní pa oyún lára. Ní ọ̀sẹ̀ 6, ó yẹ kó rí oyún nínú ilé ọmọ, ó tilẹ̀ lè rí ọkàn ọmọ tó ń lù. Bí ilé ọmọ bá ṣófo, ẹ má kàn gba "ẹ padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì" kí ẹ sì máa lọ. Oyún lè kéré ju bí a ti kà á lọ, ó lè ti bàjẹ́, ó sì lè wà níta. Wọn á gba ẹ̀jẹ̀ yín láti wọn họ́mọ̀nù oyún, wọn á tún gbà á lẹ́yìn wákàtí 48. Bí oyún bá wà níbi tó yẹ, iye yẹn sábà máa ń lọ sókè gan-an, ó máa ń súnmọ́ ìlọ́po méjì. Tó bá ń rá kòrò, tó kàn ń gùn díẹ̀díẹ̀, wọn á fura sí túùbù. Tí wọ́n bá bá a níbẹ̀ kó tó bẹ́, abẹ́rẹ́ tó ń dá ìdàgbà rẹ̀ dúró lè tó fún àwọn kan, àwọn mìíràn á nílò iṣẹ́ abẹ.

Ẹ béèrè irú ẹ̀jẹ̀ yín pẹ̀lú. Tó bá jẹ́ nẹ́gétíìfù, dókítà á pinnu bóyá ẹ nílò abẹ́rẹ́ kan tí a máa ń fúnni láàárín wákàtí 72, kí ara yín má baà máa bá ẹ̀jẹ̀ ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn jà.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún yín ní abẹ́rẹ́ tó ń dá oyún dúró ní kẹ́míìsì, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n bá yín de oyún kí ẹ tó ṣe sikáànù. Mi ò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò sí ìdè tó lè mú oyún kúrò nínú túùbù wá sí ilé ọmọ, àkókò ló sì ń jẹ. Parasítámọ̀ kò burú. Ẹ má lo àwọn oògùn ìrora tó le ju ìyẹn, wọ́n lè bo ìrora tí dókítà fẹ́ mọ̀.

Bí òòyì bá kọ́ yín kí ẹ tó kúrò nílé, tí ẹ bá dákú, tí ìrora náà bá le lójijì, tí ó jáde sí èjìká, tàbí tí ẹ bá kún páàdì méjì láàárín wákàtí kan fún wákàtí méjì léra, ẹ má gun ọ̀kadà. Ẹ pe 767 tàbí 112, kí ẹ dùbúlẹ̀ títí wọn á fi dé. Bí mọ́tò àdúgbò bá yá ju wọn lọ, ẹ wọ̀ ọ́, kí ẹni tó bá tẹ̀lé yín máa sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù pé oyún ọ̀sẹ̀ 6 ni, apá kan ń dùn ún, tí ẹ bá sì ti dákú, kó sọ ìyẹn náà.